Fóòmù wo ni kí n rà fún ìyá mi tí ẹ̀yìn ń dùn?

Àbíkẹ́_Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni ọdún 64 ni ìyá mi, kílò 82 ni wọ́n tẹ̀wọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìbàdí wọn á ti gan pátápátá. Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì wọn ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Mo lọ sọ́jà lánàá, mo rí mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní 4½ ni gbogbo wọn, ìǹṣì 8 ní gíga. Ọ̀kan le bíi pákó, wọ́n ní ọ̀tọpẹ́díìkì ni. Èkejì kò le jù, kò sì rọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni owó rẹ̀ kéré jù, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé dẹ́nsítì rẹ̀ ga. Onísọ̀ ní èyí tó le jù ni ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gbọ́dọ̀ rà. Gbogbo wọn ló ní wárántì. Èwo ni kí n gbé?

Alàgbà_Ọ̀fà (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Ọmọ mi, ìwọ náà á jèrè ọmọ. Onísọ̀ yẹn kò parọ́ fún ọ. Ní 1998 tí ẹ̀yìn dá mi dúbúlẹ̀, orí ẹní lásán ni mo sùn lé lórí sìmẹ́ǹtì fún oṣù mẹ́ta, ó sì lọ. Fóòmù tó ń gbé èèyàn mì ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Ra èyí tó le jù, kí o sì ní kí káfíńtà to pákó sí abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí owó kò bá tó, tẹ́ ẹní fún màmá sílẹ̀ ná.

Agéfóòmù (Ọjọ́ Ajé, 9:32 alẹ́)

Àbúrò, ọdún 19 ni mo fi gé fóòmù ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Ohun méjì kan wà tí àwọn onísọ̀ máa ń pò pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Líle ọ̀tọ̀, kíki ọ̀tọ̀. Kíki ni wọ́n ń pè ní dẹ́nsítì yẹn: iye kílò tó wà nínú fóòmù tó bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Líle ni iye agbára tí o máa lò kí fóòmù tó tẹ̀ wọlé. Ní ilé iṣẹ́, irin pẹlẹbẹ roboto la fi ń tẹ̀ ẹ́ títí á fi wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, a ó wá wo agbára tó gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀tàn ni pé ẹni tó ń po fóòmù lè mú kó le láìjẹ́ pé ó ki. Bó ṣe po oògùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Nítorí náà, o lè tẹ fóòmù kan ní ìsọ̀ kí ó le koko lábẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó má sì ju kílò 16 lọ nínú mítà yẹn. Irú rẹ̀ ò ní pé. Fóòmù ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti ilé oyin. Bí ohun tí wọ́n fi ṣe ògiri ihò yẹn bá kéré, ògiri á máa ya díẹ̀díẹ̀ níbi tí ìbàdí bá ń gúnlẹ̀ sí lálaalẹ́. Láàárín oṣù mélòó kan, ibẹ̀ á ti di kòtò, orí àti ẹsẹ̀ á sì wà lókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kòtò yẹn ló ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn màmá. Líle ni wàá fi mọ bí ara wọn ṣe máa rí lálẹ́ òní. Kíki ló máa sọ bóyá yóò ṣì rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́rin òní.

Má ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, wọ̀n ọ́n. Gbé síkéélì tí wọ́n ń gùn yẹn dání lọ sí ìsọ̀. Gùn ún lọ́wọ́ òfìfo, kí o tún gùn ún pẹ̀lú fóòmù lápá, kí o yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Yọ bíi kílò kan fún aṣọ tí wọ́n rán bò ó. Ìwọ̀n tí o fẹ́ rà yìí rọrùn láti ṣírò:

```
1.83 × 1.37 × 0.20 = 0.50
```

Ìdajì mítà yẹn ni gbogbo fóòmù náà. Nítorí náà, iye kílò tí o bá rí, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kíki rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ kílò 10, kíki rẹ̀ jẹ́ 20. Fún ẹni tó tẹ̀wọ̀n kílò 82, èmi ò ní ra ohun tó bá kéré sí 28, tí owó bá sì wà, màá wá 32. Wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí o wá sọ fún wa.

Adé_Peckham (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ẹ má wahala nípa gbogbo ìṣirò yìí. Mẹ́mọ́rì fóòmù ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ń ká sínú páálí. Ìyẹn ni mo ń sùn lé níbí láti 2019, ẹ̀yìn mi ò dùn mí rí. Mo ń ronú láti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ilé-Ifẹ̀, ẹnikẹ́ni mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù ọkọ̀ ojú omi?

Agéfóòmù (Ọjọ́ Ajé, 10:21 alẹ́)

Adé, ẹ̀yìn tìẹ kò dùn ọ́ rí, torí náà a ò lè fi mọ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí tiẹ̀ ń dùn. Ohun tí mo mọ̀ nípa fóòmù yẹn ni pé ooru máa ń rọ̀ ọ́. Ní yàrá tó tutù, ó le díẹ̀, á máa yọ́ lábẹ́ èèyàn díẹ̀díẹ̀ bí ara bá ṣe ń móoru sí i. Gbé e dé Ifẹ̀ nínú oṣù Kẹta, nígbà tí iná bá lọ tí fáànù dúró, yóò ti rọ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó dùbúlẹ̀ rárá. Ìbàdí á rì ju bó ṣe rì ní Peckham lọ, yíyí padà lórí rẹ̀ á sì nira fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Mi ò sọ pé kò dára. Mo ní kí ẹ dán an wò nínú irú ooru tí wọ́n máa sùn sí.

Ẹrù ọkọ̀ ojú omi, ẹlòmíràn á dá ọ lóhùn.

Olùtọ́jú_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ fisiọ́tẹ́rápì ni mò ń ṣe, ẹ̀yìn dídùn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tọ́jú. Àbíkẹ́, kí a tó dé orí fóòmù, mo fẹ́ kí o bi màmá ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ń kú tàbí kò lágbára mọ́? Ṣé ara wọn kú ní ibi tí èèyàn fi ń jókòó lórí gàárì kẹ̀kẹ́? Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí ìtọ̀ kò wá mọ́? Ṣé wọ́n ń rù láìmọ ìdí, ṣé ibà wà, ṣé ìrora náà ń jí wọn lóru tí kò sì dẹ̀ bí wọ́n bá ṣe dùbúlẹ̀? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí fóòmù dúró. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìtọ̀ tàbí ti gàárì yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń gan láàárọ̀ nìkan, tó sì ń dẹ̀ bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, a lè fura sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sì rà á lórí ìfura lásán. Ẹ wá pílíwúùdù kan tó nípọn, ẹ fi sí abẹ́ fóòmù àtijọ́ yẹn, kí wọ́n sùn lé e fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí òwúrọ̀ bá yàtọ̀, pákó tó wà lábẹ́ ti ń jẹ́ kí ó tẹ̀. Bí kò bá yàtọ̀ rárá, ó lè jẹ́ fóòmù fúnra rẹ̀ ló ti kú. Ó sì lè má jẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì rárá.

Bàbá wa ní Ọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ sàn ju kòtò lọ. Àmọ́ ẹni ọdún 64 tó ní ìbàdí gígan, bí ó ṣe máa dìde nílẹ̀ lóru láti lọ tọ̀ ni ìṣòro. Mo ti tọ́jú ẹni tó ṣubú níbi irú ìdìde bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ni màmá ń fi sùn. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn lórí ohun líle, èjìká àti eegun ìtàn rẹ̀ nìkan ló máa fara kàn án, ìbàdí á sì so rọ̀ láàárín méjèèjì bí okùn aṣọ.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ líle yìí wò lórí àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Oníṣègùn kan ní Sípéènì, Francisco Kovacs, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín èèyàn 313 sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó le, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó le níwọ̀nba. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ara àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀nba ló yá jù, ìrora wọn lórí bẹ́ẹ̀dì àti nígbà tí wọ́n bá ń dìde dínkù ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ló gbé e jáde ní 2003. Kò sí èyí tó rọ̀ gan-an nínú ohun tí wọ́n dán wò, nítorí náà, ẹ má fi sọ pé rírọ̀ ló dára. Ohun tó fi hàn ni pé èyí tó le bíi pákó kọ́ ni ẹ̀yìn ń fẹ́.

Ní ìsọ̀, ẹ mú màmá lọ. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sùn nílé fún ìṣẹ́jú 15, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan. Dúró sẹ́yìn wọn kí o wo ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí. Ó yẹ kó gún. Bí ìdí bá wọlẹ̀ ju ibi tó kù lọ, ó rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí o ti ọwọ́ rẹ bọ abẹ́ ìbàdí wọn. Bí ọwọ́ bá wọlé fàlàlà tí àlàfo kù, ó le jù. Bí ọwọ́ kò bá wọlé rárá, ó rọ̀ jù. Kí ọwọ́ wọlé, kí ó sì máa kan ara wọn bó ti ń wọlé, ìyẹn la fẹ́.

Alàgbà_Ọ̀fà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀)

Dókítà, mi ò bínú. Àmọ́ ara mi ni mo fi mọ ohun tí mo sọ, kì í ṣe ìwé Sípéènì. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún 40 ni mí nígbà náà, mo sì ń fi ẹ̀yìn sùn ni, mi ò fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Bóyá ibẹ̀ ló ti yàtọ̀. Ti màmá tó máa dìde nílẹ̀ lóru, mo gbà fún ọ níbẹ̀.

Àbíkẹ́_Òṣogbo (Ọjọ́rú, 7:02 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo bi màmá ní gbogbo ìbéèrè dókítà, rárá ni wọ́n fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀ ni ó máa ń dẹ̀. Pílíwúùdù ti wà lábẹ́ fóòmù láti àná, mo ń ka ọjọ́.

Mo gbé síkéélì lọ sọ́jà. Onísọ̀ kọ́kọ́ ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, àmọ́ ó gbà. Lẹ́yìn tí mo yọ kílò kan fún aṣọ: ọ̀tọpẹ́díìkì jẹ́ kílò 21. Èyí tó wà láàárín jẹ́ 14½. Èyí tí wọ́n kọ dẹ́nsítì gíga sí lára, 9½! Ẹ̀gbọ́n Agéfóòmù, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yín, 42, 29 àti 19 nìyẹn. Ṣé ọ̀tọpẹ́díìkì ló wá borí báyìí? Òun ló wúwo jù.

Agéfóòmù (Ọjọ́rú, 8:48 alẹ́)

O káre, àbúrò. Ti 19 yẹn, gbàgbé rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára kò wúlò, fóòmù tí a fi ń ṣe ìrọ̀rí àga ni.

Ní ti ọ̀tọpẹ́díìkì, má yára. Mi ò tí ì sọ èyí fún ọ: ìlọ́po méjì tí mo kọ́ ọ ṣiṣẹ́ fún fóòmù tó jẹ́ ẹyọ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀tọpẹ́díìkì jẹ́ ìpele méjì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi àfọ́kù fóòmù ṣe, ìyẹn àwọn èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá gé fóòmù, tí wọ́n á lọ̀, tí wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀, tí wọ́n á tẹ̀ pẹ̀lú oòru títí á fi di odindi. O máa rí i pé ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi bíi ti ankara, búlúù, pupa, funfun. Ó le, ó sì wúwo gan-an, èyí tí mo máa ń rí kì í sábà kéré sí 60 sí 90 nínú mítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìǹṣì 4 nísàlẹ̀ jẹ́ àfọ́kù, ìǹṣì 4 lókè jẹ́ fóòmù gidi. Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin mítà náà, 0.25. Bí àfọ́kù bá jẹ́ 70:

```
0.25 × 70 = 17.5 kg
21 − 17.5 = 3.5 kg
3.5 ÷ 0.25 = 14
```

Ṣé o rí i? Fóòmù òkè, èyí tí ara màmá máa kàn, kíki rẹ̀ jẹ́ 14. Ó burú ju ti 19 tí a jù nù yẹn lọ. Láàárín ọdún kan yóò ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, màmá á sì máa sùn lórí àfọ́kù tó le. Àmọ́ bí àfọ́kù yẹn bá jẹ́ 60, kílò 15 ni ìsàlẹ̀, kílò 6 ló kù fún òkè, ìyẹn 24. Ó sàn díẹ̀. Mi ò lè ti ibí mọ èyí tó jẹ́. Ní kí wọ́n ṣí síìpù, wo bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, kí o sì bi wọ́n ní kíki òkè. Bí kò bá ní síìpù, tí wọ́n rán an pa tí wọn ò sì lè dáhùn, mi ò ní rà á ní tèmi.

Ohun kan tún wà tí síkéélì kò lè rí. Àwọn kan máa ń da ẹfun sínú fóòmù nígbà tí wọ́n bá ń pò ó, kó lè wúwo. Ẹfun yẹn kò gbé èèyàn ró. Bí o bá ráyè fọwọ́ kan ara fóòmù, fi aṣọ dúdú nu ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kí o wò bóyá ìyẹ̀fun funfun wà lára aṣọ. Lẹ́yìn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Fóòmù tó dára á fò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kún fún ẹfun á máa dìde bí ẹni tí oorun ṣì ń kùn. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, torí mẹ́mọ́rì fóòmù náà máa ń dìde bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún fóòmù lásán, ó yẹ kó mú ọ fura.

Olùtọ́jú_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbádùn ìṣirò yín, àmọ́ mi ò ní lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí àfọ́kù bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn aláìsàn tó sanra gan-an, tó lé ní kílò 110, tí fóòmù ẹyọ kan kì í pẹ́ lábẹ́ wọn. Àfọ́kù ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú fóòmù tó ki dáadáa lókè, ló gbà wọ́n. Ohun tí ẹ sọ nípa òkè tó fúyẹ́ ni àléébù náà, kì í ṣe àfọ́kù fúnra rẹ̀.

Agéfóòmù (Ọjọ́rú, 9:41 alẹ́)

Dókítà, a jọ ń sọ ohun kan náà lórí òkè rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, èmi ṣì kọminú sí i. Gọ́ọ̀mù àfọ́kù kan máa ń tú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á wá di kókó kókó. Mo ti rí èyí tó lo ọdún mẹ́wàá láìtú, mo sì ti rí èyí tí kò lo méjì. Ẹni tó rà á kò ní ọ̀nà láti mọ èyí tó ń gbé lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá fún un.

Ìyàwó_Tísà (Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán)

Àbíkẹ́, kò sẹ́ni tó tí ì sọ̀rọ̀ wárántì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fìyà jẹ mí. Mo ra fóòmù fún ìyá ọkọ mi, wárántì ọdún 10 ni wọ́n kọ sí i. Ní ọdún kẹta, ibi ìbàdí ti rì. Mo gbé ẹ̀sùn lọ sí ìsọ̀ tí mo ti rà á, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo wá a títí, mi ò rí i. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n rán ẹnì kan wá wò ó. Ó na okùn láti etí kan dé ìkejì lórí fóòmù, ó fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ibi tó rì. Ìǹṣì kan ni. Ó tún ṣí ìwé wárántì sí mi lójú: àfi kó tó ìǹṣì 1½, láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, kó tó di ẹjọ́ tiwọn.

Mo ní ṣebí nígbà tí ìyá bá dùbúlẹ̀, ó ń rì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní rírọ̀ nìyẹn, wárántì kò bo rírọ̀, rírì tí ojú rí nìkan ló bò. Ó wá gbé fóòmù sókè, ó wo pákó abẹ́ rẹ̀. Márùn-ún péré ni káfíńtà wa tò síbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn á gba orí ọmọdé. Ó ní pákó yẹn nìkan ti tó láti sọ wárántì di asán. Ó tún tọ́ka sí àbàwọ́n tíì tó dà sí i lọ́dún kejì. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé wárántì kí o tó sanwó, kí o kà á ní ìsọ̀. Wo ìǹṣì tí wọ́n kọ síbẹ̀: bí ó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń gbè ọ́ tó. Wo bóyá ọdún tí wọ́n kọ jẹ́ ti pàṣípààrọ̀ látòkè délẹ̀, tàbí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìwọ náà máa san apá kan owó tuntun. Ní kí wọ́n tẹ̀ sítáǹpù àti ọjọ́ sí i. Ya fọ́tò rìsíìtì, torí ìwé yẹn máa ń ṣá. Má gé àkọlé tó ní nọ́ńbà lára fóòmù. Kí o sì rán aṣọ tó ṣe é fọ̀ bò ó láti ọjọ́ kìíní.

Tọ́pẹ́_Oníkáfíńtà (Ọjọ́bọ̀, 3:40 ọ̀sán)

Àlàfo pákó ìdábùú kò gbọ́dọ̀ ju ìǹṣì 3 lọ. Fún bẹ́ẹ̀dì 6 ní 4½, tí pákó bá jẹ́ ìǹṣì 3 ní ìbú, mo máa ń to 12 sí 13. Kí ẹsẹ̀ kan wà láàárín pẹ̀lú. Ẹ má lo pílíwúùdù tó bo gbogbo rẹ̀ láìlu ihò sí i, abẹ́ fóòmù á máa rẹ̀ nígbà òjò, á hu.

Adé_Peckham (Ọjọ́bọ̀, 6:12 ìrọ̀lẹ́)

Ìyàwó Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ka ìwé wárántì tèmi. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ni ó wà fún, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rà á. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, wárántì parí nìyẹn. Mi ò tí ì mọ ohun tí màá ṣe.

Àbíkẹ́_Òṣogbo (Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, 8:20 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Pílíwúùdù pé ọjọ́ mẹ́wàá lónìí. Màmá ní ó dẹ̀ díẹ̀, gígan tó máa ń tó wákàtí kan ti di bí ogójì ìṣẹ́jú, àmọ́ kò lọ. Mo na okùn lórí fóòmù àtijọ́ bí Ìyàwó Tísà ṣe sọ, kòtò rẹ̀ lé ní ìǹṣì 2.

Mo mú màmá lọ sọ́jà lánàá. Síìpù ọ̀tọpẹ́díìkì ṣí. Ìǹṣì 5 jẹ́ àfọ́kù, 3 péré ni fóòmù òkè, onísọ̀ kò sì mọ kíki rẹ̀. Màmá fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ lé e, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ní èjìká ń ro wọ́n. Lórí èyí tó wà láàárín, wọ́n sùn lọ, mo ní kí n jí wọn! Mo wo ẹ̀yìn wọn, ó gún. Ọwọ́ mi wọ abẹ́ ìbàdí wọn, ó ń kan ara. Mo fi bùbá dúdú tí mo wọ̀ nu etí ibi tí wọ́n ti gé e, kò sí ìyẹ̀fun. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ka ẹ̀wá, ó fò padà.

Wárántì rẹ̀ jẹ́ ọdún 5, ìǹṣì kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ti ọ̀tọpẹ́díìkì jẹ́ ọdún 10, àmọ́ ìǹṣì 1½ ni, láti ọdún kẹrin lọ, èèyàn á sì máa san apá kan. Mo sanwó èyí tó wà láàárín. Rìsíìtì àti ìwé náà ti wà nínú fóònù mi àti ti àbúrò mi.

Ohun tó kù ni bẹ́ẹ̀dì. Pákó mẹ́fà ló wà níbẹ̀, káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti fi méje kún un. Títí dìgbà náà, fóòmù tuntun wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú náílọ̀n rẹ̀, màmá ò gbà kí n ṣí i.

Olùtọ́jú_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ẹtì, 9:05 alẹ́)

Àbíkẹ́, o ṣe é dáadáa. Yọ náílọ̀n yẹn tí wọ́n bá ti fẹ́ máa sùn lé e, òógùn kì í ríbi gbà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi ìrọ̀rí kékeré sáàárín orúnkún méjèèjì bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ìtàn òkè má fa ìbàdí wálẹ̀. Ara lè ro wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kó tó mọ́ fóòmù lára. Bí gígan yẹn kò bá yí padà rárá lẹ́yìn oṣù kan, mú wọn wá kí a yẹ̀ wọ́n wò, torí kì í ṣe fóòmù mọ́ nìyẹn.

Àbíkẹ́_Òṣogbo (Ọjọ́ Ẹtì, 9:11 alẹ́)

Mo ti gbọ́, dókítà. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n sì ní kí n bi Bàbá ní Ọ̀fà bóyá ẹní yẹn ṣì wà.

Alàgbà_Ọ̀fà (Ọjọ́ Ẹtì, 9:58 alẹ́)

Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n sùn lé e mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti bẹ̀rẹ̀. Bá mi kí màmá. Kí o sì bá mi bi Agéfóòmù: fóòmù tèmi jẹ́ 6 ní 6, ìǹṣì 10, kílò mélòó ló yẹ kí n bá lórí síkéélì?

Agéfóòmù (Ọjọ́ Ẹtì, 10:14 alẹ́)

Bàbá, ẹ ò nílò alágbàsọ. Tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.85. Bí kíki rẹ̀ bá jẹ́ 28, ẹ máa bá bíi kílò 24 lórí síkéélì lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ti aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan bá yín gbé e.